Gígé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kúrú: dọ́ọ̀tì mẹ́ta, àkámọ́ onígun àti àyọlò gígùn

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn

Mo kí gbogbo ilé. Mo ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìtàn ẹ̀kún omi, alábòójútó mi sì dá orí kejì padà pẹ̀lú ìlà pupa tó yí àyọlò kan ká. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sí etí ìwé náà: ṣé òǹkọ̀wé yìí yóò gbà pé ohun tí òun sọ nìyí? N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gan-an síbí, nítorí náà mo fúnra mi kọ àpẹẹrẹ kan tí ìṣètò rẹ̀ bá a mu:

> Odò náà kún ní ọdún yẹn, àwọn àgbẹ̀ sì sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn. Ó fi hàn pé omi ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ lè ti wọn omi ní ibi tó yàtọ̀. Nítorí náà, mo gbà pé ẹ̀kún omi ọdún yẹn lágbára, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé òun ló tóbi jù.

Bí mo ṣe yọ ọ́ lò nìyí. Mo yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìpínrọ̀, mo tì í wọlé láti apá òsì, mo sì fi àmì àyọlò sí i níbẹ̀rẹ̀ àti lópin:

> "Odò náà kún ní ọdún yẹn, àwọn àgbẹ̀ sì sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí ... Ó [ìwé àkọsílẹ̀] fi hàn pé omi ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì ṣáájú ... ẹ̀kún omi ọdún yẹn lágbára."

Ohun tí mo ń fi àyọlò náà gbè lẹ́yìn ni pé ìrántí àwọn àgbẹ̀ kò ṣe é gbára lé nígbà tí àkọsílẹ̀ bá wà. Ìlànà ìkọ̀wé APA ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé iye dọ́ọ̀tì náà ni kò tọ̀nà ni, àbí àkámọ́ yẹn, àbí bí mo ṣe tò ó sójú ìwé?

Àdùkẹ́-Akàwé

Dọ́ọ̀tì tí ẹ fi sí i kò tó. Ẹ ní láti fi mẹ́ta síwájú àyọlò náà, kí ẹ sì tún fi mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, bí àyọlò bá ti pé 40 ọ̀rọ̀ lábẹ́ APA, a kì í fi àmì àyọlò sí i mọ́, nítorí pé títì tí a tì í wọlé ti sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ yọ àmì àyọlò yẹn kúrò, ẹ fi dọ́ọ̀tì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ọ̀rọ̀ yóò parí.

Olóòtú-Àgbà

Àdùkẹ́ tọ̀nà lórí àmì àyọlò, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nípa dọ́ọ̀tì níbẹ̀rẹ̀ àti lópin kò bá ìlànà tí ẹni tó béèrè ń lò mu. APA kò fẹ́ dọ́ọ̀tì níbẹ̀rẹ̀ tàbí lópin àyọlò, àfi bí dọ́ọ̀tì náà bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé gan-an. Kò sí òǹkàwé tí kò mọ̀ pé inú ìwé tó gùn ni a ti mú àyọlò jáde, nítorí náà dọ́ọ̀tì ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún un.

Ẹ jẹ́ kí n mú àyọlò náà ní ẹsẹẹsẹ, nítorí n kò rò pé iye dọ́ọ̀tì ló mú kí alábòójútó yín kọ ìbéèrè yẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ka ohun tó ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé lódindi jẹ́ 78, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ gé e, 37 ló kù, tí a bá ka méjì tó wà nínú àkámọ́ mọ́ ọn. Ohun tó wà lójú ìwé yín ni òfin 40 ń kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé tí ẹ ti yọ ọ́. Nítorí náà, àyọlò yìí kò yẹ kó dá dúró rárá. Inú ìpínrọ̀ yín ló yẹ kó wà, pẹ̀lú àmì àyọlò rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka iye ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gé, wọn kì í sì í padà kà á mọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ohun tí dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan gbé mì. Èyí àkọ́kọ́ gbé gbólóhùn odindi kan, "Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn." Kíyè sí "kò fi bẹ́ẹ̀": òǹkọ̀wé kò sọ pé àkọsílẹ̀ já àwọn àgbẹ̀ nírọ́, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n ni. Dọ́ọ̀tì kejì gbé "bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ lè ti wọn omi ní ibi tó yàtọ̀," èyí tí í ṣe iyèméjì òǹkọ̀wé lórí àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Níkẹyìn, ẹ dúró sórí "lágbára," ẹ sì fi "ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé òun ló tóbi jù" sílẹ̀. Gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé ti fa ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ gé kúrò, ibi tó ti sọ̀rọ̀ gbọnyin-gbọnyin nìkan ló kù, ibẹ̀ gan-an ló sì bá àríyànjiyàn yín mu. Ohun tí alábòójútó yín ń béèrè nìyẹn. Dọ́ọ̀tì ń jẹ́wọ́ fún òǹkàwé pé a gé nǹkan. Kò fún wa láṣẹ láti gé "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" kúrò lára ohun tí ó ń dín kù.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò kò le. Mo máa ń ka àyọlò tí mo gé sókè fún ẹni tí kò rí ìwé náà rí, n óò sì ní kí ó sọ fún mi ohun tí òǹkọ̀wé gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà n óò ka odindi ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí ó bá yí ìdáhùn rẹ̀ padà, gígé náà ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, bí dọ́ọ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni àkámọ́. "Ó [ìwé àkọsílẹ̀] fi hàn" kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ètè ń kọsẹ̀ lára rẹ̀, nítorí pé olùwà méjì ni ẹ tò síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ gba ipò arọ́pò-orúkọ náà: "[Ìwé àkọsílẹ̀ náà] fi hàn pé omi ti ga." Kò sí dọ́ọ̀tì tí a ó fi sí ibi tí "Ó" wà tẹ́lẹ̀, nítorí àkámọ́ náà ti sọ pé a pààrọ̀ nǹkan.

Atẹ̀wé

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtòlójú-ìwé kún un, nítorí pé àwọn àyọlò gígùn mìíràn yóò ṣì wà nínú iṣẹ́ yín. Ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì àlàfo ti àyọlò wọlé o. Tí ẹ bá ti yí ìwọ̀n lẹ́tà padà báyìí, gbogbo ìlà yóò dàrú. Ẹ yan ìpínrọ̀ náà lódindi, kí ẹ sì fa àmì ìtìwọlé apá òsì tó wà lórí rúlà dé ìdajì íǹṣì, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.27. Apá òsì nìkan ni APA ní kí a tì, kì í ṣe ọ̀tún, ó sì fẹ́ kí àlàfo ìlọ́po méjì tó wà láàárín ìlà yòókù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ti dọ́ọ̀tì: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sábà máa ń sọ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ tẹ̀lé ara wọn di àmì ẹyọ kan, `…`, APA sì gba ìyẹn bí àlàfo bá wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn èyí tó ní àlàfo láàárín, `. . .`, ẹ fi `Ctrl+Shift+Space` tẹ àlàfo náà nínú Word, kí dọ́ọ̀tì kan má baà ṣẹ́ kù sí ìparí ìlà nígbà tí méjì yòókù bọ́ sí ìlà kejì. Mo ti rí èyí nínú ìwé tí a ti tẹ̀ jáde tán, kò sì dùn ún wò. Ọ̀kan ni kí ẹ mú, kí ẹ sì lò ó títí dé òpin iṣẹ́ náà.

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀

Mo ní ìṣòro pẹ̀lú ohun tí gbogbo yín ń sọ yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé, dọ́ọ̀tì mẹ́ta ni a sì fi ń fi hàn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dánu dúró tàbí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá sọ pé "Omi wọlé ní òru... a ò mọ ibi tí a ó gbà," kò sí ohun tí mo gé níbẹ̀. Ẹ̀rín àti ikọ́ náà, inú àkámọ́ onígun ni mo ń fi wọ́n sí. Ṣé ẹ ń sọ pé ẹni tó bá ka iṣẹ́ mi yóò rò pé mo ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn ni?

Olóòtú-Àgbà

Yóò rò bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá sọ fún un. Ìbéèrè yín yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé níbì kan: kí ni a ó ṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ lò nínú àkọsílẹ̀ tí dọ́ọ̀tì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Dọ́ọ̀tì tirẹ̀ ni kí ó fi sínú àkámọ́ onígun, `[. . .]`, kí ti ẹni tó sọ̀rọ̀ sì dúró láìsí àkámọ́. MLA, tí ó jẹ́ ìlànà ìkọ̀wé mìíràn, dárúkọ ọ̀nà yìí ní tààrà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi àkámọ́ sí gbogbo dọ́ọ̀tì gígé, yálà dọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tàbí kò sí. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú kí ojú ìwé wúwo.

Ní ti àkọsílẹ̀ tiyín, ìlà kan níwájú ìwé tó ṣàlàyé pé dọ́ọ̀tì dúró fún ìdánudúró yóò gba òǹkàwé lọ́wọ́ àìmọ̀.

Àdùkẹ́-Akàwé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé dọ́ọ̀tì ìbẹ̀rẹ̀ kò nílò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà lórí ti òpin. MLA ni a lò nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ́ wa pé bí a bá gé ìparí gbólóhùn kúrò, tí ohun tó kù sì dàbí gbólóhùn tó ti parí, a gbọ́dọ̀ fi dọ́ọ̀tì sí i. Ẹ wo "ẹ̀kún omi ọdún yẹn lágbára." Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti fi àmì ìdánudúró sí, bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé ṣì ní "ṣùgbọ́n" nílẹ̀. Ṣé kì í ṣe irú ibí yìí gan-an ni dọ́ọ̀tì òpin wúlò?

Olóòtú-Àgbà

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa MLA. Ó ní kí a fi dọ́ọ̀tì sí òpin irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, APA kò sì béèrè fún un. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi fúnra mi rò pé MLA ṣe òǹkàwé lóore jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tó ń lo APA kò lè mú òfin kan níhìn-ín kí ó sì mú òmíràn lọ́hùn-ún. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má ṣe dúró níbẹ̀ rárá, kí ó mú gbólóhùn náà dé òpin.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlànà wọ̀nyí kò fẹnu kò lórí ìgbà tí àyọlò yóò dá dúró. Ìlà ni MLA ń kà: bí ọ̀rọ̀ geere bá ju ìlà mẹ́rin lọ, tàbí tí ewì bá ju ìlà mẹ́ta lọ, ó dá dúró. Chicago máa ń dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi tó bí 100. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ 78 yìí lódindi yóò dá dúró lábẹ́ APA, yóò sì wà nínú ìpínrọ̀ lábẹ́ Chicago.

Olùkọ́-Èdè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ mọ́ èdè wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ìlànà wọ̀nyẹn pẹ̀lú Yorùbá lọ́kàn. Èkíní ni pé a máa ń pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹni kan yóò kọ "fi hàn," ẹlòmíràn yóò kọ "fihàn," iye ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì ní dọ́gba. Bí àyọlò yín bá wà ní 39 tàbí 41, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀; ẹ tẹ̀ lé bí òǹkọ̀wé ṣe pín in, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú.

Èkejì ló ká mi lára. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ni kò ní àmì ohùn, tàbí tí àmì wọn kò pé. Nígbà tí a bá ń yọ ọ̀rọ̀ lò nínú wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi àmì sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bí ẹni pé àtúnṣe kékeré ni. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń yàn. Bí òǹkọ̀wé bá kọ "o ri won" láìsí àmì kankan, ẹni tó fi àmì sí i ti pinnu bóyá "ìwọ" ni ó rí wọn tàbí ẹlòmíràn, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé ìpinnu kan wáyé. Èrò mi ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí a ṣe bá a. Bí ibì kan bá rú ni lójú, kí a fi ìtumọ̀ tí a gbà sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀.

Atẹ̀wé

Ẹ má bínú, Olùkọ́, n kò lè fara mọ́ èyí. Àyọlò ojú ìwé kan tí kò ní àmì ohùn, láàárín iṣẹ́ tó ní àmì ohùn látòkèdélẹ̀, yóò máa dá òǹkàwé dúró ní gbogbo ìlà. Èyí tí a ń ṣe níbi iṣẹ́ wa ni pé a ó fi àmì sí i lódindi, a ó sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé pé àmì ohùn kò sí nínú ìwé ìpìlẹ̀, pé àwa ni a fi í kún un. Bí ẹ bá ní kí a máa fi àkámọ́ sí gbogbo àmì ohùn tí a bá fi kún un, àyọlò náà kò ní ṣe é kà.

Olùkọ́-Èdè

N kò ní kí ẹ fi àkámọ́ sí àmì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé yín sọ pé a fi àmì kún un, kò sọ ibi tí ẹ ti ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Bí ẹ bá lè tọ́ka sí àwọn ibẹ̀ nìkan, n óò gba ọ̀nà yín.

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ibí, ṣé `[sic]` kò ní tán ìṣòro yìí? Mo máa ń rí i lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ṣì kọ.

Olóòtú-Àgbà

Àṣìṣe tí òǹkàwé lè rò pé tiwa ni `[sic]` wà fún. Ìwé tí a kọ láìsí àmì ohùn ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìwé kò ní in kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò sì gba `[sic]` tirẹ̀. Mo tilẹ̀ máa ń rọ àwọn tó ń kọ̀wé pé kí wọ́n ṣọ́ ọ lò lára ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kàwé púpọ̀, nítorí pé ó rọrùn kí ó dà bí ìfiniṣẹ̀sín.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún àyọlò náà tò. Mo yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrò, nítorí pé mo lè fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ sọ. Ìyókù pé 60 ọ̀rọ̀, nítorí náà mo yà á sọ́tọ̀, mo sì yọ àmì àyọlò kúrò:

> Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè [àwọn àgbẹ̀] lẹ́yìn. Ó fi hàn pé omi ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ lè ti wọn omi ní ibi tó yàtọ̀. . . . [M]o gbà pé ẹ̀kún omi ọdún yẹn lágbára, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé òun ló tóbi jù.

Dọ́ọ̀tì di mẹ́rin nítorí pé mo rò pé àmì ìdánudúró gbólóhùn tó ṣáájú wà lára wọn. Mo fi àkámọ́ sí "M" nítorí pé lẹ́tà kékeré ni ó jẹ́ nínú ìwé ìpìlẹ̀, lẹ́yìn "Nítorí náà." Ìṣòro tó kù ni pé àyọlò yìí kò gbe àríyànjiyàn mi lẹ́yìn tó bí mo ṣe rò.

Olóòtú-Àgbà

Bẹ́ẹ̀ ni dọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣe ń ṣiṣẹ́: èyí àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nítorí pé òun ni ó parí gbólóhùn, mẹ́ta yòókù sì ni àmì gígé. Àkámọ́ tó wà lára "M" náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ gé níbẹ̀: "Nítorí náà" ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, òun ló sì so ìparí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé mọ́ iyèméjì tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá dá a padà, dọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àkámọ́ ara "M" kò ní nílò mọ́, ọ̀rọ̀ méjì sì ni yóò fi gùn sí i.

Bí ibi tí iṣẹ́ yín dé bá nílò èyí tó kúrú, ẹ lè hun ún mọ́ gbólóhùn tiyín, báyìí: Òǹkọ̀wé náà ní àkọsílẹ̀ "fi hàn pé omi ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì ṣáájú," ṣùgbọ́n ó gbà pé àwọn tó kọ ọ́ "lè ti wọn omi ní ibi tó yàtọ̀," kò sì fẹ́ sọ pé ẹ̀kún omi ọdún yẹn "ló tóbi jù." Kò sí dọ́ọ̀tì kan níbẹ̀, kò sí àkámọ́, iyèméjì rẹ̀ sì pé. Ọ̀nà yìí tún gbà yín lọ́wọ́ "mo" òǹkọ̀wé, tí ẹ ìbá ní láti sọ di "[òun]" nínú gbólóhùn tiyín. Nígbà tí àkámọ́ bá ti di mẹ́ta nínú ìlà kan, mo máa ń gbà pé ó ti tó àkókò láti fi ọ̀rọ̀ ara ẹni sọ ọ́, kí a ṣì tọ́ka sí ojú ìwé.

Ní ti àríyànjiyàn yín, ẹ wá ẹ̀rí mìíràn, tàbí kí ẹ dín ohun tí ẹ ń sọ kù. Òǹkọ̀wé yìí kò gbà pẹ̀lú yín dé ibi tí ẹ fẹ́.

Atẹ̀wé

Kí a má baà gbàgbé: nínú àyọlò tó dá dúró, lẹ́yìn àmì ìdánudúró ìkẹyìn ni orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé yóò wà nínú àkámọ́ roboto, láìsí àmì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èyí tí ẹ hun mọ́ ìpínrọ̀, tí ẹ bá gbé ìtọ́ka náà sí ìparí gbólóhùn, àmì ìdánudúró yóò dúró títí àkámọ́ roboto yóò fi padé. Bí ìpínrọ̀ yín bá sì ń bá a lọ lẹ́yìn àyọlò tó dá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà náà láti etí ìwé láìtì í wọlé, kí ó má baà dà bí ìpínrọ̀ tuntun.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn

Èyí tí ẹ hun yẹn ni n óò lò, n óò sì fi odindi ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé sí àfikún ẹ̀yìn ìwé kí alábòójútó mi lè fi wọ́n wéra. Olùkọ́, ìwé àkọsílẹ̀ tí òǹkọ̀wé náà tọ́ka sí wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú, kò sì ní àmì ohùn kankan. Bí n óò bá fi àmì sí i ní ìlànà Atẹ̀wé, ṣé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé kan fún gbogbo àyọlò inú rẹ̀ yóò tó, àbí kí n máa tọ́ka sí i níbi kọ̀ọ̀kan tí ìtumọ̀ ti lè pín sí méjì?